Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ìpè sí ìpàdé ẹbí yìí kí n tó fi ránṣẹ́

1. Àbíkẹ́yìn_Ilé
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2026. Dádì ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sórí Wásáàpù ẹbí ká lè jókòó ṣètò. Èèyàn 43 ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ẹ kú ojúmọ́ o. Ìpàdé ètò ẹbí máa wáyé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, ní ilé Dádì. Gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ wá. Ẹ má pẹ́ o."

Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, èèyàn 19 ló wá sí irú ìpàdé yìí, síbẹ̀ a ò fẹnu kò lórí nǹkan kan, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn gan-an ò sí níbẹ̀. Kí ni kí n yí padà?

2. Nọ́ọ̀sì_Àánú
Ẹ kú ìmúra o. Inú mi dùn pé ẹ ti ń rò ó kí ìgbéyàwó tó dé, ọ̀pọ̀ ni kì í rò ó àfi lẹ́yìn ọmọ kejì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó nìkan ni èyí. Kí àwọn méjèèjì lọ bá nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sọ iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ àti àlàfo tí wọ́n fẹ́ fi sáàárín wọn. Kò yẹ kí ẹ pe gbogbo ẹbí jọ sí i.

3. Àbíkẹ́yìn_Ilé
Háà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, àmọ́ kì í ṣe ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí o. Ètò ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ la fẹ́ jókòó sí: owó, iye àlejò, ta ni yóò ṣe kí ni.

4. Nọ́ọ̀sì_Àánú
Ẹ má bínú, ọmọ mi. "Ètò ẹbí" tí ẹ kọ ni mo rí tí ọkàn mi fi lọ síbẹ̀. Tí èmi bá lè kà á bẹ́ẹ̀, ẹnìkan nínú àwọn 43 yẹn lè kà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ "Ìpàdé ẹbí lórí ìgbéyàwó" sí òkè, kí ẹ sì dárúkọ ìyàwó.

5. Olóhùn_Iyọ̀
Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ dára tẹ́lẹ̀. Má sọ ọ́ di gígùn, àwọn èèyàn kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn lórí fóònù. Fi déètì sí i nìkan: "Sọ́ńdè tó ń bọ̀" ò dáa, torí ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ Sátidé á rò pé ọ̀la ni, ẹlòmíì á rò pé ó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n "gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ wá" yẹn, fi í sílẹ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ èèyàn, àwọn tí o kò dárúkọ á bínú, ìbínú yẹn á sì bá ọ dé ọjọ́ ìgbéyàwó.

6. Akọ̀wé_Ẹbí
Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹbí tiwa, mo sì ti ṣe àṣìṣe tó ò ń bẹ̀rù yìí lẹ́ẹ̀mejì. Olóhùn_Iyọ̀ sọ òótọ́ lórí déètì, ó sì sọ òótọ́ pé èèyàn máa ń bínú. Àmọ́ "gbogbo ẹbí" gan-an ni kì í jẹ́ kí àwọn tó yẹ wá. Bí a bá pe èèyàn 43 lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á ní "wọn ò ní ṣaláì rí ẹlòmíì." Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà á ronú bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ gbéyàwó nìyẹn: èèyàn 19 jókòó, kò sí ẹni tó lè sọ pé "mo gbà á, èmi á san án."

Má tíì kọ nǹkan kan. Mú ìwé, kí o kọ ohun tí ìpàdé náà gbọ́dọ̀ parí sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ ẹni tó jẹ́ pé bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò lè parí. Àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ni "àwọn tó gbọ́dọ̀ wá." Ìyókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ wá nínú wọn wá.

Ìbéèrè mìíràn rèé, kí o dáhùn tọkàntọkàn: nínú àwọn tó gbọ́dọ̀ wá, ta ni kò ní fẹ́ wọ ilé Dádì?

7. Àbíkẹ́yìn_Ilé
Mo ti kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè yín gún mi lọ́kàn díẹ̀.

Ohun tó yẹ kó parí: (1) iye tí kálukú yóò mú wá àti ọjọ́ tí owó yóò wọlé, (2) iye àlejò tiwa, (3) ibi tí a ó ti ṣe é, torí ẹni tó ni gbọ̀ngàn ń retí èsì, (4) ẹni tí yóò di ọ̀gá ètò lọ́jọ́ náà.

Orúkọ tó jáde jẹ́ méje: Dádì, ẹ̀gbọ́n Dádì tí a ń pè ní Dádì Àgbà, Mọ́mì, Mọ́mì Àgbà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Àǹtí tó jẹ́ àbúrò Dádì, àti ìyàwó fúnra rẹ̀.

Ní ti ilé Dádì, Mọ́mì ò tíì wọ ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pínyà, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Mi ò tilẹ̀ ronú sí i nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ilé Dádì sáà ni a ti máa ń ṣe gbogbo ìpàdé.

8. Akọ̀wé_Ẹbí
Wò ó, ìpàdé yín ti fẹ́ bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ì bá mọ ìdí rẹ̀. Mọ́mì ò ní sọ pé òun ò wá. Yóò kọ "ó dáa" sí i, lọ́jọ́ náà orí á máa fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì jókòó tì í.

Má bi í lórí Wásáàpù bóyá ó lè wá sí ilé Dádì. Wá ilé ẹni tí ìhà méjèèjì ti máa ń wọ̀ láìbẹ̀rù. Lójú tèmi, Àǹtí yín yẹn ni, bí òun àti Mọ́mì bá ṣì ń kí ara wọn. Pè é lórí fóònù kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Béèrè bóyá pálọ̀ rẹ̀ gba èèyàn méjìlá, kí àlàfo lè wà fún àwọn tí a ò pè lórúkọ tí wọ́n á ṣì wá. Béèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa nínú pálọ̀ yẹn, torí ẹ̀gbọ́n yín tó wà lókè òkun.

Lẹ́yìn náà, pe àwọn méje lọ́kọ̀ọ̀kan. Má bi wọ́n pé "ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Ọjọ́ méje lo máa gbà. Fún wọn ní ọjọ́ méjì kí wọ́n yan ọ̀kan. Ìgbà tí ẹ bá ti mọ èyí tí àwọn méjèèje lè wá ni ìwọ yóò tó kọ̀wé.

9. Ìyá_Ìbejì_2
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ó ṣì ń dùn mí. Ìgbéyàwó àbúrò mi ni. A ti kọ ibi ìpàdé sílẹ̀, a ti fi ránṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ilé yẹn ò ṣeé lò mọ́, omi ti wọ pálọ̀. Mo sáré kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé a ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Àṣé ẹnìkan ti fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí bàbá wa àgbà tí kò sí lórí ojú ewé ẹbí. Bàbá ẹni ọdún 78 dúró níwájú géètì tó wà ní títì fún nǹkan bí wákàtí kan, ìwé tí wọ́n kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a máa fi rí i, kò sọ nǹkan kan. Ó ní ká mú òun lọ sílé. Kò sì wá sí ìgbéyàwó náà.

Ẹ kọ nọ́ḿbà ẹni tó wà nílé tí ẹ ó lò sínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe nọ́ḿbà tiyín nìkan. Ẹni tó bá dé géètì á lè pè é.

10. Akọ̀wé_Ẹbí
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ yín ló mú mi rántí pé Wásáàpù kì í jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ kọ mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ohun tí ẹlòmíì bá sì ti fi ránṣẹ́ síwájú, bí o pa tìrẹ rẹ́, tirẹ̀ ń rìn lọ. Nítorí náà bí nǹkan bá yí padà, má kọ "ibi ìpàdé ti yí padà" nìkan. Kọ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun, ọjọ́, aago àti ibi, kí o sì fi ÀTÚNṢE sí òkè pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ pé ti tẹ́lẹ̀ ò sí mọ́.

11. Bàbá_Onígèlé
Mo ti ka gbogbo yín. Ọmọdé ni akọ̀wé, kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọdé ò lè sọ fún Dádì Àgbà pé "ẹ gbọ́dọ̀ wá." Bí mo bá jẹ́ bàbá yẹn, mi ò ní wá, kí n lè mọ̀ ẹni tó ń pàṣẹ fún mi. Ẹ jẹ́ kí bàbá ìyàwó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àti pé kí ni ìyàwó ń wá níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó? Kó jókòó sílé, kí wọ́n sọ fún un lẹ́yìn náà.

12. Akọ̀wé_Ẹbí
Bàbá, ẹ káàsán sà. Ti "gbọ́dọ̀" yẹn, ẹ tọ̀nà, ojú sì tì mí pé mi ò sọ ọ́ ṣáájú. Àbúrò, kọ ọ́ lórúkọ Dádì: "Dádì ní kí n fi tó yín létí." Ní ipò "gbọ́dọ̀ wá", sọ pé "a ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí yín." Ìtumọ̀ kan náà ni, àmọ́ èkejì ń bu ọlá fúnni, ó sì tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ẹni tó bá pẹ́ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń dúró dè. Kí o to orúkọ láti orí àgbà wá sílẹ̀.

Ní ti ìyàwó, ẹ má bínú sà, mi ò gbà. Iye àlejò ni ọ̀rọ̀ kejì, òun ló mọ iye ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ ibiṣẹ́ rẹ̀ tí yóò wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ó kọ iye kan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ó sì yí i padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

13. Bàbá_Onígèlé
Kó wá nígbà tí wọ́n bá kan iye àlejò, kó sì jáde nígbà tí wọ́n bá kan owó. Ibi tí mo lè dé nìyẹn.

14. Àbíkẹ́yìn_Ilé
Ẹ ṣeun sà. Mo ti pè wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ni Sọ́ńdè, ọjọ́ 22 oṣù kẹta, èkejì sì ni ọjọ́ 29. Mọ́mì Àgbà ní òun máa rìnrìn àjò lọ́jọ́ 22, nítorí náà ọjọ́ 29 la mú. Ó ku àádọ́rùn-ún ọjọ́ gééré sí ìgbéyàwó. Àǹtí gbà ká lo ilé òun. Nígbà tí mo sọ ibẹ̀ fún Mọ́mì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé kí n mú àga ike wá?" Mo mọ̀ pé yóò wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní kò sí wàhálà, pé ọjọ́ 22 tàbí 29, aago mẹ́rin tiwa ni aago mẹ́ta tòun, pé aago mẹ́ta sí mẹ́rin ààbọ̀ lòun ráyè kó tó lọ síbi iṣẹ́.

15. Ẹni_Ọ̀nà_Jíjìn
Dúró, dúró! Èmi náà ń gbé ní ìhà ibẹ̀. Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ni wọ́n ń sún aago síwájú pẹ̀lú wákàtí kan ní Yúróòpù. Ní ọdún 2026, ọjọ́ 29 gan-an ni. Bí ẹ kì í bá sún aago lọ́dọ̀ tiyín, aago mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ yẹn jẹ́ ti ọjọ́ 22. Ní ọjọ́ 29, aago mẹ́rin tiyín ni aago mẹ́rin tirẹ̀. Yóò wọlé sórí fóònù lágogo mẹ́ta, kò ní bá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ìdajì wákàtí péré ló kù fún un. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí: mo jókòó níwájú fóònù, mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi ni.

16. Àbíkẹ́yìn_Ilé
Yéè! Òun ló fẹ́ san owó tó pọ̀ jù. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, òun náà ò rántí. Ṣé kí n sún ìpàdé sí aago mẹ́ta tiwa?

17. Akọ̀wé_Ẹbí
Bí àwọn mẹ́fà yòókù bá gbà, sún un, yóò di aago mẹ́ta fún kálukú. Bí ẹnìkan ò bá gbà, fi í sí mẹ́rin, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ owó ṣáájú kó tó lọ. Kọ aago ìhà méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí o tún fi ọjọ́ ìdáhùn sí i. Àmì búlúù méjì ò túmọ̀ sí pé ẹnìkan ń bọ̀, pé ó ṣí i ni.

18. Àbíkẹ́yìn_Ilé
Mọ́mì Àgbà ní òun ò lè dé kó tó di mẹ́rin. Nítorí náà mẹ́rin ló dúró. Ẹ wo èyí:

"ÌPÀDÉ ẸBÍ LÓRÍ ÌGBÉYÀWÓ (orúkọ ẹ̀gbọ́n mi)
Ẹ kú ojúmọ́ o. Dádì ní kí n fi tó yín létí pé a ó jókòó ní Sọ́ńdè, ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2026, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gééré, tó jẹ́ aago mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù náà lọ́jọ́ yẹn, títí di aago mẹ́fà. Ilé Àǹtí ni (àdírẹ́ẹ̀sì). Ẹni tó bá dé géètì kí ó pe Àǹtí sórí nọ́ḿbà yìí.
A fẹ́ parí ọ̀rọ̀ owó lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà iye àlejò, gbọ̀ngàn, àti ẹni tí yóò darí ètò.
A ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí Dádì Àgbà, Dádì, Mọ́mì Àgbà, Mọ́mì, Àǹtí, Bùọ̀dá (lórí fóònù) àti ìyàwó. Ẹni tí kò bá lè wá nínú wọn kí ó jọ̀ọ́ rán ẹni tó lè fọwọ́ sí nǹkan lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin yòókù nínú ẹbí, ẹ káàbọ̀ bí ẹ bá ráyè, a ó sì fi àbájáde ránṣẹ́ síbí lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ti ẹbí tiwa nìkan ni, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn àna.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Wẹ́sídè, ọjọ́ 25."

19. Olóhùn_Iyọ̀
Ó gùn o. Àmọ́ mo gbà pé kò sí ohun tí mo lè yọ. Gbólóhùn tó ní "a ó fi àbájáde ránṣẹ́ síbí" yẹn, òun ni yóò tu àwọn tí a kò dárúkọ nínú.

20. Akọ̀wé_Ẹbí
Fi ránṣẹ́. Kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ojú ewé náà: Wásáàpù fún wa ní wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30. Mú ti ọjọ́ 30, kó má baà já bọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ní Jímọ̀, ọjọ́ 27, tún un rán wọn létí ní gbólóhùn méjì.

21. Ìyá_Ìbejì_2
Kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹni tí kò sí lórí Wásáàpù, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́.

22. Àbíkẹ́yìn_Ilé
Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mẹ́rin nínú méje ti dáhùn. Àmọ́ nǹkan kan ti yọjú: ìyàwó Dádì pè mí. Kò bú mi, ó kàn béèrè bóyá mo gbàgbé orúkọ òun ni. Òun ló ti ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi láti ọdún mẹ́rin, òótọ́ ni. Bí mo bá sì fi orúkọ rẹ̀ sí i, mi ò mọ ohun tí Mọ́mì yóò ṣe.

23. Bàbá_Onígèlé
Kí o fi sí i. Aya bàbá rẹ ni.

24. Akọ̀wé_Ẹbí
Kò dá èmi lójú bíi ti Bàbá. Kò sí nínú ohun mẹ́rin yẹn tí kò ní lè parí láìsí i, ṣùgbọ́n ilé tí ìyàwó ń gbé nìyẹn, ohùn rẹ̀ sì ní ìwọ̀n níbẹ̀. Má dá a yanjú fúnra rẹ. Sọ fún Dádì, kó pe Mọ́mì lórí fóònù, kí àwọn méjèèjì sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni kí o kọ.

25. Àbíkẹ́yìn_Ilé
Dádì ní òun á pè é lálẹ́ yìí. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ báyìí, mo gbọ́ tó ní, "Ẹ káalẹ́ o, Ìyá Ìyàwó."